Ìràwọ̀ àti Èérún Yìnyín: Níbo Ló Yẹ Kí Orúkọ Ìsọ̀rí Ọjà Wà?

Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ mọ ohun kan: nínú gbogbo irú ọjà tó ń tà, èwo ló ń mú owó wọlé jù? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ mú dọ́là 28,318,144.65 wá. Àwọn ohun èlò bí àṣíborí àti ìgò omi mú 700,759.96 wá, aṣọ àwọn agunkẹ̀kẹ́ sì mú 339,772.61 wá. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 29,358,677.22.

Kọ̀ǹpútà tó ṣírò rẹ̀ kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó rí ọ̀rọ̀ náà, “kẹ̀kẹ́”, tó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, àtẹ mẹ́rin ló là kọjá. Àwọn onímọ̀ kan á ní ó yẹ kó jẹ́ méjì péré. Lórí àtẹ méjì tó lé yìí ni àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn tó ń to àká dátà ti ń wáyé.

Iléeṣẹ́ tí à ń wí yìí kò sí níbì kankan láyé. Adventure Works Cycles ni orúkọ rẹ̀. Microsoft ló hùmọ̀ rẹ̀ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dátà lè rí ohun fi dánra wò, ẹnikẹ́ni ló sì lè gba àká dátà rẹ̀, AdventureWorksDW2014, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára fún àlàyé nítorí pé oríṣi ètò méjèèjì, ti ìràwọ̀ àti ti èérún yìnyín, wà nínú rẹ̀ pa pọ̀.

Àká dátà yàtọ̀ sí ètò tí wọ́n fi ń tajà lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ètò ìtajà ni kó kọ ọjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà sílẹ̀ kíákíá láìṣì í kọ. Àká máa ń gba ẹ̀dà ohun tí ètò ìtajà ti kọ, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, a sì tún un tò kí ìbéèrè nípa ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá má bàa di iṣẹ́ àṣelàágùn.

Kíka ìlà kan

Láàárín àká yìí ni àtẹ kan wà tó ń jẹ́ FactInternetSales. Àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye tó jẹ́ ló wà níbẹ̀. Ìlà 60,398 ló ní. Ẹni tó bá ṣí i, tó sì mú ìlà àkọ́kọ́, á rí àwọn nọ́ńbà bí ìwọ̀nyí:

```
ProductKey         310
OrderDateKey       20101229
DueDateKey         20110110
ShipDateKey        20110105
CustomerKey        21768
SalesTerritoryKey  6
SalesOrderNumber   SO43697
OrderQuantity      1
SalesAmount        3578.27
Freight            89.4568
```

Oríṣi nọ́ńbà méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni iye ọjà, owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́. A lè rò wọ́n pọ̀ mọ́ ti ìlà mìíràn, kí àròpọ̀ náà sì ní ìtumọ̀. Àwọn tó wà lókè kò ṣeé rò pọ̀, nítorí kò sí ohun tí 310 àti 21768 lè jẹ́ bí a bá fi ọ̀kan kún èkejì. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí ìlà kan nínú àtẹ mìíràn.

Ẹni tó bá gbé 310 lọ sí àtẹ tó ń jẹ́ DimProduct á bá Road-150 Red, 62 níbẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ pupa onísáré tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 62. Nọ́ńbà 6 nínú àtẹ agbègbè ìtajà ni Kánádà. Àwọn ọjọ́ mẹ́ta náà sọ ìyókù: oníbàárà náà ra kẹ̀kẹ́ yìí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2010, wọ́n fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2011, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Àwọn àtẹ tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí yìí ni àtẹ àpèjúwe, orúkọ wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dim. Àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ máa ń ga fíofío, torí pé ojoojúmọ́ ni ìlà tuntun ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kéékèèké ló kún ìlà rẹ̀. Àtẹ àpèjúwe kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ̀: àwọ̀, ìwọ̀n, orúkọ, iye owó orí ọjà, gbogbo ohun tí ènìyàn lè fẹ́ fi pín owó sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ya àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ohun tí ìlà kan dúró fún. Níhìn-ín, ìlà kan ni irú ọjà kan nínú ohun tí oníbàárà kan rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìrajà 27,659 fi di ìlà 60,398. Owó ìfiránṣẹ́ máa ń fi hàn bí gbólóhùn yìí bá mẹ́hẹ. Nínú ètò ìtajà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọ owó ìfiránṣẹ́ fún gbogbo ẹrù oníbàárà. Bí ẹni tó ń to àká bá da owó náà kọ bó ṣe wà sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ra nǹkan mẹ́ta á dà bí ẹni tó san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ńṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ pín in láàárín àwọn ìlà náà. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí àká bẹ́ẹ̀, wọ́n á ro owó ìfiránṣẹ́ inú ètò ìtajà pọ̀, wọ́n á ro ti inú àká pọ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá méjèèjì bára mu.

Bí ìràwọ̀ ṣe rí

Bí wọ́n bá ya ètò yìí sórí ìwé, FactInternetSales á wà láàárín, àtẹ àpèjúwe mẹ́fà á sì yí i ká: ọjà, oníbàárà, ọjọ́, ẹ̀dínwó, irú owó àti agbègbè ìtajà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àárín, àfi ti ọjọ́ tó ní mẹ́ta, nítorí ọjọ́ ìrajà, ọjọ́ ìfiránṣẹ́ àti ọjọ́ àdéhùn. Àwòrán náà jọ ìràwọ̀ tó na apá, orúkọ tí wọ́n sì fún un nìyẹn.

Ralph Kimball, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ẹni tí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1996 sọ ètò ìràwọ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Kimball fúnra rẹ̀ kò sọ pé òun ni òun dá a sílẹ̀. Ó ní inú iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ oúnjẹ General Mills àti Yunifásítì Dartmouth jọ ṣe láwọn ọdún 1960 ni orúkọ àtẹ méjèèjì ti jáde, àti pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta ìròyìn nípa ọjà, bíi Nielsen, ti ń lò ó láwọn ọdún 1970.

Ohun tó mú kó tàn kálẹ̀ ni pé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè kà á. Ìbéèrè yòówù kó jẹ́, ọ̀nà kan náà ni: bẹ̀rẹ̀ láti àárín, gbé ẹsẹ̀ kan sí àtẹ àpèjúwe tí o nílò, kí o sì ro owó pọ̀. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ kejì ti pọn dandan.

Ibi tí ìràwọ̀ ti yẹ́ sí wẹ́wẹ́

Ní ti ìràwọ̀ gidi, ìlà Road-150 nínú DimProduct ì bá gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ ọjà, ìsọ̀rí kékeré tó wà, ìyẹn Road Bikes, àti ìsọ̀rí ńlá, ìyẹn Bikes, ì bá wà lórí ìlà kan náà. Microsoft kò tò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lórí ìlà ọjà ni kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀rí kékeré. Kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí DimProductSubcategory, àtẹ tó ní ìlà 37. Òun náà tún mú kọ́kọ́rọ́ mìíràn lọ́wọ́ tó ń ṣí DimProductCategory, tí ìlà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: Bikes, Components, Clothing àti Accessories. Components kò hàn nínú ìdáhùn ọ̀gá torí pé àwọn alágbàtà nìkan ni iléeṣẹ́ náà ń tà á fún, kì í tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí apá ìràwọ̀ bá yọ ẹ̀ka, tí ẹ̀ka náà tún yọ ẹ̀ka, àwòrán rẹ̀ á jọ èérún yìnyín tí wọ́n wò lábẹ́ awò amóhuntóbi. Orúkọ ètò kejì nìyẹn. Báyìí ni ìbéèrè ọ̀gá ṣe rí nínú rẹ̀:

```sql
SELECT c.EnglishProductCategoryName, SUM(f.SalesAmount)
FROM FactInternetSales f
JOIN DimProduct p
  ON f.ProductKey = p.ProductKey
JOIN DimProductSubcategory s
  ON p.ProductSubcategoryKey = s.ProductSubcategoryKey
JOIN DimProductCategory c
  ON s.ProductCategoryKey = c.ProductCategoryKey
GROUP BY c.EnglishProductCategoryName;
```

JOIN mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìsopọ̀ mẹ́ta. Nínú ìràwọ̀, ọ̀kan ni ì bá jẹ́.

Kí ló dé tí ènìyàn á fi yàn láti to nǹkan báyìí? Àṣà tó dára ló bí i. Láti ìgbà tí Edgar Codd ti gbé ìwádìí rẹ̀ lórí àtẹ tó ń bára tan jáde ní 1970 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ dátà pé ohun kan kò gbọ́dọ̀ wà níbi méjì. Bí wọ́n bá kọ “Bikes” sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí orúkọ náà padà, ẹnì kan á tún àádọ́rùn-ún ṣe, á sì gbàgbé mẹ́wàá. Òótọ́ ni èyí nínú ètò ìtajà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àká, kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan tó ń kọ nǹkan sí i. Ètò kan ṣoṣo tó ń kó dátà wọlé ló ń kọ gbogbo rẹ̀, ó sì lè tún orúkọ náà kọ sórí gbogbo ìlà lóru kan. Ewu tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ya àtẹ sọ́tọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Ìdí kejì tí wọ́n máa ń sọ ni àyè ìpamọ́. Ìṣirò ló lè dáhùn ìyẹn. DimProduct ní ìlà 606. Ìsọ̀rí tí orúkọ rẹ̀ gùn jù ni Accessories, lẹ́tà 11. Bí gbogbo ìlà bá tilẹ̀ gbé e, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 13,332, tí kò tó àwòrán kékeré kan lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kó di ilé ìtajà ńlá tó ní irú ọjà 300,000 àti ìlà ìtajà bílíọ̀nù kan. Bí ìlà ìtajà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 50, àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ á gba gígábáìtì 50. Bí orúkọ ìsọ̀rí bá gba báìtì 20 lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, mẹ́gábáìtì 6 ni. Ẹni tó yẹ́ àtẹ ọjà sí wẹ́wẹ́ nítorí àyè ti fi ohun tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pamọ́. Èyí tún kéré sí i lóde òní, nítorí ọ̀pọ̀ àká ni wọ́n ń tọ́jú òpó dípò ìlà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń tún ara rẹ̀ sọ nínú òpó kan, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi nọ́ńbà kékeré rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo ibi yòókù.

Ìlà 209 tó pòórá

Ìjáfara kọ́ ni ewu tó burú jù nínú èérún yìnyín. Èyí tó burú jù ni ìdáhùn tó yá kánkán, tó sì ṣìnà.

Nínú ìlà 606 tó wà nínú DimProduct, 209 ni kò ní ìsọ̀rí kékeré kankan. Òfìfo ni àyè kọ́kọ́rọ́ wọn. Ohun tí wọ́n fi ń to kẹ̀kẹ́ ni wọ́n, bóòtù, nọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀lù irin, tí iléeṣẹ́ náà kì í tà fún ẹnikẹ́ni. JOIN lásán kì í mú ìlà tí kò bá ní ẹnìkejì dání. Nígbà tó bá so àtẹ ọjà mọ́ àtẹ ìsọ̀rí kékeré, ìlà 397 ló ń jáde, 209 yòókù á sì ṣubú láìsí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà.

Ní ti owó ìtajà, kò ní hàn rárá, torí kò sí ẹni tó ra bóòtù. Àròpọ̀ 29,358,677.22 á pé pérépéré, ẹni tó tò ó á sì fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá wá fi ọ̀nà kan náà béèrè iye ẹrù tó wà nílé ìkẹ́rùsí, láti inú FactProductInventory, nǹkan á dàrú. Ọjà àkọ́kọ́ nínú àtẹ náà, Adjustable Race, ní ẹyọ 875 nílẹ̀ nínú ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìsọ̀rí. Nínú ìdáhùn tó la àtẹ ìsọ̀rí kọjá, ńṣe ni á dà bí ẹni pé ẹyọ kan kò sí nílẹ̀. Ẹni tó ń ra ohun èlò wọlé lè ra ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ kò le. Wọ́n á ka ìlà ṣáájú ìsopọ̀, wọ́n á tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Bí 606 bá di 397, nǹkan ti jábọ́. Bí ó bá ju 606 lọ, kọ́kọ́rọ́ kan ti ṣí ìlà méjì, owó á sì wú ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ìsopọ̀ tó bá pọ̀ sí i ni àyè tuntun fún irú àṣìṣe yìí, ohun tó sì fà á nìyẹn tí Kimball fi máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má tètè yẹ́ àtẹ àpèjúwe sí wẹ́wẹ́.

Nígbà tí ọjà bá yí owó padà

Ohun kan tún wà nínú nọ́ńbà 606 yẹn. Irú ọjà tí iléeṣẹ́ náà ní nínú ètò ìtajà kò ju 504 lọ. Ibo ni 102 tó lé ti wá?

Àṣíborí pupa tó ń jẹ́ Sport-100 Helmet, Red ló lè ṣàlàyé rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló ní nínú DimProduct, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ 212, 213 àti 214. Nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, owó orí rẹ̀ jẹ́ dọ́là 33.64, nínú ìkẹta, ó di 34.99. Nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fi ń mọ àṣíborí náà kò yí padà, HL-U509-R ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́kọ́rọ́ àká ló yí padà. Nígbà tí ohun kan nípa ọjà bá yàtọ̀, wọn kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ìlà tuntun ni wọ́n ń ṣí, ìtajà tó bá wáyé lẹ́yìn náà sì ń mú kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ìtajà àtijọ́ kò kúrò lára owó tó bá a mu nígbà náà.

Nínú ìràwọ̀, ọ̀nà yìí tún kan ìsọ̀rí. Bí iléeṣẹ́ bá gbé àṣíborí kúrò nínú ohun èlò lọ sínú aṣọ, ọjà náà á gba ìlà tuntun, ìtàn àtijọ́ á sì wà bó ṣe wà. Nínú èérún yìnyín, ìsọ̀rí kékeré fún àṣíborí ní ìlà kan ṣoṣo nínú àtẹ ti 37. Ẹni tó bá yí kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀rí ńlá padà lórí ìlà yẹn ti gbé gbogbo àṣíborí tí wọ́n ti tà láti ìbẹ̀rẹ̀ sínú aṣọ, láìfọwọ́ kan ìlà ìtajà kankan. Ìròyìn tí ọ̀gá kà lọ́dún tó kọjá àti èyí tó kà lónìí lórí ọdún kan náà kò ní bára mu mọ́. Kí wọ́n tó lè yẹra fún un, wọ́n á ní láti máa ṣí ìlà tuntun nínú àtẹ ìsọ̀rí kékeré pẹ̀lú, kí wọ́n sì tún ṣí òmíràn fún gbogbo ọjà tó rọ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí èérún yìnyín ti tọ́

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ló yẹ ní gígé. Nínú AdventureWorksDW2014, àtẹ kan wà fún ìlú àti ìpínlẹ̀, DimGeography. Àtẹ oníbàárà ń tọ́ka sí i, àtẹ àwọn alágbàtà náà sì ń tọ́ka sí i. Torí pé àwọn méjèèjì ń lo ìlú kan náà, ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń wò ń jẹ́ kí orúkọ ìlú máa dọ́gba.

Ọ̀ràn kejì ni ti ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lókè ju ọjà kọ̀ọ̀kan lọ. Bí ọ̀gá bá dá iye owó tó fẹ́ kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan pa lóṣù, kò sí kọ́kọ́rọ́ ọjà tó lè wà lórí ìlà bẹ́ẹ̀, torí kò dá iye fún kẹ̀kẹ́ pupa nìkan. Àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn nílò àtẹ ìsọ̀rí tó dá dúró, àtẹ onílà mẹ́rin náà á sì wúlò níbẹ̀, bí orúkọ tó wà nínú rẹ̀ bá ti rí bákan náà pẹ̀lú ti inú àtẹ ọjà.

Iléeṣẹ́ tó bá ti jogún èérún yìnyín kò nílò láti wó o. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi àtẹ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á sì fi àwòrò kan bò wọ́n tí àwọn tó ń béèrè ìbéèrè á máa rí bí àtẹ kan ṣoṣo:

```sql
CREATE VIEW DimProductFlat AS
SELECT p.ProductKey, p.EnglishProductName,
  COALESCE(s.EnglishProductSubcategoryName, 'N/A') AS Subcategory,
  COALESCE(c.EnglishProductCategoryName, 'N/A') AS Category
FROM DimProduct p
LEFT JOIN DimProductSubcategory s
  ON p.ProductSubcategoryKey = s.ProductSubcategoryKey
LEFT JOIN DimProductCategory c
  ON s.ProductCategoryKey = c.ProductCategoryKey;
```

Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. LEFT ń pàṣẹ pé kí gbogbo ọjà jáde, yálà ó ní ìsọ̀rí tàbí kò ní. COALESCE sì ń fi N/A dí àyè tó ṣófo, kí bóòtù àti nọ́ọ̀tì lè ní ìlà tiwọn nínú ìròyìn dípò kí wọ́n pòórá. Ẹni tó bá ka ìlà DimProductFlat gbọ́dọ̀ bá 606 níbẹ̀, 209 nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ N/A. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan: inú ètò tó ń kó dátà wọlé lóru ni wọ́n ń fi í sí. Bí ọjà tuntun bá dé, tí iye ìlà àwòrò bá sì yàtọ̀ sí ti DimProduct, ètò náà á dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ka ìròyìn tó ṣìnà.